Bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ áàpù owó oṣù sórí Play Store: gbólóhùn kan ṣoṣo àti àlàyé tó tẹ̀ lé e

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan níbí n'Íbàdàn gbé áàpù wọn wá fún mi nígbà kan pé kí n bá wọn kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn yóò kà lórí Play Store. Iṣẹ́ áàpù náà kò ju pé kó bá ọ̀dọ́ tó ń gbowó oṣù pín owó rẹ̀, kí ó lè mọ iye tó tọ́ sí i láti ná lójúmọ́. Mo jókòó, mo kọ gbólóhùn kan tó dùn létí mi: “Ìrọ̀rùn owó dé fún ọ.” Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tó gbé áàpù náà sórí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní, “Mo ti forúkọ sílẹ̀, owó ò tíì wọlé.” Ẹlòmíràn béèrè iye èlé tí a ń gbà. Ẹ̀kẹta fún wa ní ìràwọ̀ kan péré, ó ní ẹlẹ́tàn ni wá.

Kò sí ìlà kan nínú áàpù náà tó jẹ mọ́ owó yíyá. Èmi ni mo fi gbólóhùn mi pe àwọn tó ń wá owó yá, nígbà tí ohun tí a ní kò ju ìṣírò lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà mìíràn, ọ̀nà náà ni mo sì fẹ́ tò sílẹ̀ níbí. Áàpù kan ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Àpò Oṣù. Play Store ni n ó sì dúró lé jù, nítorí fóònù Android ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí mo bá pàdé ní Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá àti Challenge.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn

Ìwé kan àti bírò ti tó. Ẹ lọ síbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun ọ̀sán, ẹ ra oúnjẹ tiyín, kí ẹ sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: “Owó oṣù tó kọjá, ọjọ́ wo ló tán?” Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ áàpù tó ń ṣètò owó. Gbogbo wọn ni yóò ní àwọn fẹ́ ẹ, ìdáhùn yẹn kò sì ní fún yín ní ọ̀rọ̀ kankan tí ẹ lè lò.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ni ní iléèwé aládàáni ní Akóbọ̀ ló fún mi ní gbólóhùn tí mo ṣì ń lò dòní. A jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì alámàlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwó Road, ó ń dúró kí òjò dá kó tó wọ máíkírà. Nígbà tí mo bi í, kò dá mi lóhùn kíákíá. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó wo àlẹ́ẹ̀tì báǹkì tó kẹ́yìn, ó ṣí ẹ̀rọ ìṣírò, ó pín iye tó kù sí ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ó wo ohun tó jáde, ó sì pa fóònù náà dé. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ̀gbọ́n, owó oṣù tèmi kì í dé ìparí. Ó máa ń tán lọ́nà ni.”

Ẹ wo ohun méjì tó wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ó ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún wàhálà náà: owó tó tán lọ́nà, bí ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀ kó tó dé Ojóò. Ìkejì ni pé ó ti ń ṣe iṣẹ́ áàpù náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣírò, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Tí ẹ bá bá èèyàn bíi mẹ́wàá sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ń padà wá: “ó tán lọ́nà”, “mi ò mọ ibi tó wọ̀”, “aṣọ ẹbí ló gbé e”, “mo fi ránṣẹ́ sílé”, “sápá”. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ má tún un ṣe.

Gbólóhùn kan ṣoṣo náà

Ní Play Console, níbi tí ẹni tó ni áàpù ti ń kọ ọ̀rọ̀ sí, àpótí mẹ́ta ló kàn wá. Orúkọ áàpù kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 30 lọ. Àpótí `Short description` kò gbọdọ̀ ju 80 lọ. `Full description` kò gbọdọ̀ ju 4,000 lọ. Àpótí 80 yẹn ni gbólóhùn wa. Òun ni ojú ẹni tó ń wo áàpù náà kọ́kọ́ ń bá. Àlàyé gígùn kì í hàn tán àfi tó bá tẹ `About this app`. Ọ̀pọ̀ kì í tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ohun tí gbólóhùn yẹn kò bá sọ, ẹ kà á sí pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ méjì ni mo ń fún gbólóhùn náà. Kó sọ ohun tí áàpù yóò ṣe fún èèyàn lónìí, kó sì sọ ohun tí kì í ṣe. Ìdajì kejì yẹn ni àwọn oníṣòwò máa ń bá mi jiyàn lé lórí. Wọ́n ní kí ló dé tí a ó fi sọ ohun tí a kì í ṣe nígbà tí àyè kò tó fún ohun tí a ń ṣe. Èsì mi ni pé ní Nàìjíríà, bí áàpù bá ti dárúkọ owó, owó yíyá ló ń wá sọ́kàn èèyàn. Àwọn èèyàn ti rí áàpù ayánilówó tó wọ inú fóònù wọn lọ kó nọ́ńbà ọ̀rẹ́ àti ẹbí, tó sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dójú ti onígbèsè lójú gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, fi gbé ìlànà jáde ní 2022 pé kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀. Nítorí náà, irú èèyàn méjì ló ń ṣìnà bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀: ẹni tó ń wá owó yá yóò wọlé, yóò bínú, yóò sì fi ìràwọ̀ kan sílẹ̀, ẹni tó yẹ kó lo áàpù náà yóò bẹ̀rù, kò sì ní wọlé rárá.

Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀ wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ máa ń kọ rèé: “Ṣàkóso ìnáwó rẹ lọ́nà ọgbọ́n.” Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ báyìí lórí bẹ́ǹṣì alámàlà. Gbólóhùn náà kò sì sọ ohun kan tí mo lè fojú rí. Ó lè jẹ́ ti báǹkì, ó lè jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Èkejì tí mo kọ ni: “Sápá ò ní mọ ilé rẹ mọ́.” Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á fún wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé áàpù náà ń ṣe, ẹnì kan ní ó ń fúnni níṣẹ́, ẹnì kejì ní ó ń yáni lówó. Yàtọ̀ sí èyí, ìlérí tí a kò lè mú ṣẹ ni. Áàpù tó ń ṣírò kò lè lé òṣì. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó oúnjẹ, ìṣírò kò ní sọ ọ́ di púpọ̀.

Mo wá padà sí ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn, mo sì kọ èyí:

“Mọ iye tí o lè ná lónìí kí owó oṣù má tán lọ́nà. A kì í yáni lówó.”

Ìdajì àkọ́kọ́ sọ ohun tí áàpù ń fúnni, ìyẹn iye kan ṣoṣo, fún òní. Ó sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. “Owó oṣù” fi hàn ẹni tí a ń bá wí. Ẹni tó ń tajà ní Bódìjà tí owó ń wọlé fún lójoojúmọ́ yóò mọ̀ pé tòun kọ́. Ìdajì kejì ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ owó yíyá.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ẹ ó ní láti pinnu fúnra yín: “o” ni àbí “ẹ”? Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan kò ní fẹ́ kí áàpù máa pè wọ́n ní “o”. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbowó oṣù ni a ń bá sọ̀rọ̀, létí rẹ̀ sì rèé, “ẹ” ń dún bí lẹ́tà tó wá láti báǹkì. “O” ń dún bí ẹ̀gbọ́n tó jókòó tì í. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ lò ó láti orí gbólóhùn náà dé inú áàpù fúnra rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ “o” síta, tí bọ́tìnnì inú rẹ̀ sì ń sọ pé “ẹ tẹ ibí”, ó sì hàn pé ọwọ́ méjì tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ ló kọ ọ́.

Àmì ohùn ń jẹ àyè

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí, nítorí àwọn ìtọ́sọ́nà tí a ń kà kò ronú nípa èdè wa. Ojú wa rí “ọ́” gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà kan. Lójú kọ̀ǹpútà, méjì ni: “ọ” jẹ́ ọ̀kan, àmì orí rẹ̀ jẹ́ ìkejì, nítorí pé nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò sí ààmì kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì lápapọ̀. Bákan náà ni “ẹ̀”. Ṣùgbọ́n “á”, “ò”, “ṣ”, àti “ẹ” tí kò ní àmì lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà “bọ́jẹ́ẹ̀tì”. Lójú wa, lẹ́tà méje ni. Lójú ẹ̀rọ, mẹ́wàá ni. Bí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé yín bá sì jẹ́ irú èyí tó ń tú gbogbo àmì ká, tí ìsàlẹ̀ dá wà, tí òkè dá wà, ó lè di mẹ́rìnlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ìwọ̀n rẹ̀ gan-an nìyẹn, fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ lè fi ìlà mẹ́ta yìí yẹ̀ ẹ́ wò lórí Python. Ó ń kó àwọn àmì tó lè dà pọ̀ jọ, ó sì ń ka èyí tó kù:

```python
import unicodedata
s = unicodedata.normalize("NFC", "bọ́jẹ́ẹ̀tì")
print(len(s))
```

Ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ 10. Ẹ fi gbólóhùn tiyín rọ́pò ọ̀rọ̀ náà. Gbólóhùn wa lókè yìí jẹ́ 66, nítorí “lọ́nà” nìkan ni lẹ́tà alámì méjì tó wà nínú rẹ̀. Ó ku 14 kó tó kún. Mi ò fẹ́ kó kún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá mọ Python, kó lẹ gbólóhùn náà mọ́ inú àpótí Play Console, kó sì wo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Bí gbólóhùn bá pọ̀ jù, ẹ má yọ àmì ohùn kúrò láti fi rí àyè. Ẹ yí ọ̀rọ̀ padà. “Owó” láìsí àmì, a ṣì lè mọ̀ ọ́n; ṣùgbọ́n “Mo iye ti o le na lonii” ti di àlọ́ fún ẹni tó ń yára kà á nínú máíkírà. Ọ̀rọ̀ tó fúyẹ́ wà fún ọ̀pọ̀ èyí tó wúwo: “ná” dípò “ìnáwó”, “oṣù” dípò “òpin oṣù”.

Fún orúkọ áàpù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń wá irú nǹkan yìí lórí Play Store kì í tẹ àmì kankan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì máa ń tẹ̀ ni `budget`. Nítorí náà ni mo fi kọ orúkọ náà báyìí: “Àpò Oṣù: Budget Owó Oṣù”. Ó jẹ́ 23 nínú 30. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó tán síbẹ̀. Google kò gba kí a to irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ bí àgbàdo orí ọpọ́n.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí iPhone pẹ̀lú, àpótí tó wà lábẹ́ orúkọ níbẹ̀ kò gbà ju 30 lọ. “Kí owó oṣù má tán lọ́nà” jẹ́ 23, ó wọ̀ ọ́. Kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ owó yíyá níbẹ̀, nítorí náà ẹ gbé e sórí àwòrán àkọ́kọ́.

Àlàyé gígùn: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iye kan

Àyè 4,000 kì í ṣe àṣẹ pé kí ẹ kún un. Èyí tí mo ń kọ kì í sábà ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ìlà méjì àkọ́kọ́ ló ń pinnu bóyá ẹni náà yóò kà síwájú, mo sì máa ń fi ohun tí mo rí lọ́wọ́ olùkọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀:

“Oṣù kò tíì dé ìdajì, o ti ń wo àlẹ́ẹ̀tì, o ń ṣírò bí èyí tó kù yóò ṣe gbé ọ dé ìparí. Àpò Oṣù ń bá ọ ṣe ìṣírò yẹn láràárọ̀, ó sì ń sọ iye tí o lè ná lónìí.”

Lẹ́yìn èyí, dípò kí n to gbogbo ohun tí áàpù lè ṣe lẹ́sẹẹsẹ, ìṣírò ẹnì kan ni mo máa ń ṣe títí dé òpin. Òǹkàwé yóò fi tirẹ̀ wé e. Èyí tí a lò nìyí.

Òṣìṣẹ́ kan ń gba ₦140,000. Lọ́jọ́ tí owó wọlé, ó kọ́kọ́ yọ èyí tí kò ṣeé fọwọ́ kàn: ₦20,000 fún owó ilé ọdún tó ń bọ̀, ₦20,000 fún àjọ, ₦15,000 tó ń fi ránṣẹ́ sílé, ₦8,000 fún iná, ₦5,000 fún dátà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦68,000. Ohun tó kù ni ₦72,000. Áàpù pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, ó ní: “₦2,400 lónìí.” Oúnjẹ àti ọkọ̀ gbogbo wà nínú rẹ̀. Fún ọjọ́ mọ́kànlá, ẹni yìí kò jáde nínú rẹ̀, ó ti ná ₦26,400, ó ku ₦45,600. Láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é fún aṣọ ẹbí: ₦18,000. Ó san án. Ó ku ₦27,600 fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Bó ṣe kọ ọ́ sínú áàpù báyìí, iye tó wà lójú fóònù já láti ₦2,400 sí ₦1,452.

Ìjábọ́ yẹn gan-an ni ohun tí áàpù náà ń tà. Kò sọ pé má ra aṣọ ẹbí. Ó fi hàn ọ́ lójú ẹsẹ̀ pé aṣọ náà ń gba nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ rẹ lójoojúmọ́ títí oṣù yóò fi parí. Nínú àlàyé lórí Play Store, ìpínrọ̀ kan ni gbogbo rẹ̀. Ẹ yẹ ìṣírò náà wò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbé e jáde, nítorí áàpù owó tí àpẹẹrẹ rẹ̀ kò pé, kò sẹ́ni tó máa gbọ́kàn lé e. Kí iye kan náà sì wà nínú àwòrán àkọ́kọ́: ₦2,400 lápá kan, ₦1,452 lápá kejì. Play Store gba àwòrán mẹ́jọ fún fóònù. Méjì tó bá gbólóhùn mu sàn ju mẹ́jọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìpínrọ̀ tó ń dá ẹ̀rù dúró

Àpò Oṣù lè ka àlẹ́ẹ̀tì báǹkì fúnra rẹ̀ kó má baà di pé èèyàn ń fọwọ́ kọ gbogbo ìnáwó. Iṣẹ́ dáadáa ni, ṣùgbọ́n láti ṣe é, áàpù gbọ́dọ̀ gba àyè tó ń jẹ́ `READ_SMS`, Google kì í sì í fún áàpù kankan ní àyè yẹn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gba kí áàpù tó ń ṣètò owó láti inú àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè fún un, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí ẹ ó kọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé wọn yóò wo àlàyé yín pẹ̀lú. Iṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ béèrè àyè náà gbọ́dọ̀ hàn gbangba nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi í pa mọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, tàbí tí ẹ kò mẹ́nu bà á, wọ́n lè dá áàpù náà padà.

Ẹni tó ń kà á náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 wà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n láìsí òfin pàápàá, àtẹ̀jíṣẹ́ èèyàn ni. Ohun tí mo kọ rèé:

“Tí o bá fẹ́, Àpò Oṣù lè ka àlẹ́ẹ̀tì báǹkì rẹ kó sì kọ ìnáwó rẹ sílẹ̀ fún ọ. Àyè tí fóònù yóò ní kí o fún wa kan gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. Àwọn tó wá láti báǹkì nìkan ni áàpù ń kà, inú fóònù rẹ ló sì ń kà wọ́n sí. Tí o kò bá fẹ́, fọwọ́ kọ ọ́. A kì í wo nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ. A kì í yáni lówó. Owó rẹ kò kúrò ní báǹkì rẹ.”

Gbólóhùn kejì nínú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí n yọ. Wọ́n ní yóò dẹ́rù ba èèyàn. Mo kọ̀, nítorí pé fóònù fúnra rẹ̀ yóò sọ ọ́ fún un nígbà tó bá fẹ́ fún áàpù láyè, ẹni tí a kò sọ fún tẹ́lẹ̀ yóò sì rò pé a tan òun. Kí ẹ tó kọ irú ìpínrọ̀ yìí, ẹ jókòó ti ẹni tó kọ áàpù náà, ẹ bi í ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: “Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́?” Bí ìsọfúnni bá ń lọ sórí ẹ̀rọ ìta, ẹ kò gbọdọ̀ kọ pé inú fóònù ló ń dúró sí. Ohun tí ẹ kọ níbí àti ohun tí ẹ fi kún apá `Data safety`, níbi tí ẹ ti ń sọ ìsọfúnni tí áàpù ń gbà, gbọ́dọ̀ bára wọn mu. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò bí wọ́n bá dá áàpù padà.

Ẹ kọ ààlà rẹ̀ pẹ̀lú. Báǹkì ń gba owó lórí àlẹ́ẹ̀tì tó ń wá bí àtẹ̀jíṣẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti pa á, wọ́n ń gbà á lórí áàpù báǹkì tàbí íméèlì. Fún irú wọn, kíka àlẹ́ẹ̀tì kò ní ṣiṣẹ́. Bákan náà ni owó ọwọ́: náírà tí ẹ fún oníkẹ̀kẹ́ kì í ní àlẹ́ẹ̀tì. Ìlà kan tó sọ pé “Tí o bá ti pa àlẹ́ẹ̀tì SMS, tàbí tí o ń ná owó ọwọ́, ìwọ ni yóò kọ ọ́” ti gba wá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìbínú.

Ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Google kò fẹ́ kí a máa pe áàpù wa ní èyí tó dára jù lọ tàbí nọ́ńbà kìíní, kò fẹ́ “gbà á báyìí” lára orúkọ, kò sì fẹ́ ẹ̀rí tí a kò mọ ẹni tó jẹ́ ẹ, irú bíi “Oníbàárà kan ní ayé òun ti yí padà.” Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ dán an wò, ṣùgbọ́n ẹ fi oṣù ṣe ìwọ̀n

Play Console ní ibi kan tó ń jẹ́ `Store listing experiments`. Ẹ lè fi gbólóhùn tuntun hàn fún apá kan nínú àwọn tó ń wọlé, kí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ máa hàn fún àwọn yòókù. Fún ọ̀rọ̀, irú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní `Localized` ni kí ẹ yàn. Èkejì kì í dán ju àwòrán wò. Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá yí gbólóhùn àti àwòrán pọ̀, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Google ní ó kéré tán kí ìdánwò lo ọ̀sẹ̀ kan. Fún áàpù owó oṣù, ọ̀sẹ̀ kan kéré. Ẹni tó ka gbólóhùn yín ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àti ẹni kan náà ní ọjọ́ karùndínlógún, ọkàn wọn kò rí bákan náà. Ní ọjọ́ owó, “ètò” dùn ún gbọ́. Ní àárín oṣù, “tán lọ́nà” ló ń gún un. Ẹ jẹ́ kó lọ láti owó oṣù kan dé òmíràn.

Níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ yan ohun tí ẹ ó fi díwọ̀n rẹ̀, ẹ mú `Retained first-time installers`, èyí tó ń ka àwọn tó ṣì fi áàpù náà sílẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Bí mo bá ka àwọn tó gbà á nìkan, “Ìrọ̀rùn owó dé fún ọ” ìbá borí títí láé, nítorí ó ń kó èèyàn wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ ọ́ kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ṣì máa ń ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ áàpù náà. Bí mo bá rí ọ̀rọ̀ “yá” lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, orí gbólóhùn náà ni mo ń padà sí, kì í ṣe orí ẹni tó kọ ọ́. Bí wọ́n bá ń kọ pé “kò ka àlẹ́ẹ̀tì mi”, mo mọ̀ pé ìlà ààlà yẹn ti wà nísàlẹ̀ jù, mo sì máa ń gbé e sókè ìpínrọ̀ kan.